Mo fẹ́ fi àwọn mẹ́sééjì Wásáàpù kọ lẹ́tà ìdúpẹ́ gidi sí Àlàájà tó tọ́ mi sọ́nà, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àdùnní_Mọ́níyà

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Iṣẹ́ ìjọba ni mò ń ṣe, ní Sẹkitéríà Agodi níbí. Pròmóṣàn wa jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá, orúkọ mi sì wà níbẹ̀, mo ti kúrò ní lẹ́fẹ́ẹ̀lì 10, ọpẹ́ ni f'Ọ́lọ́run. Àlàájà kan wà tó jẹ́ ọ̀gá mi nígbà kan, wọ́n ti fẹ̀yìn tì, Bódìjà ni ilé wọn wà, àwọn ló mú mi lọ́wọ́ láti ọjọ́ tí mo ti débẹ̀. Mo fẹ́ kọ lẹ́tà sí wọn lórí bébà, èyí tí wọ́n lè tọ́jú. Gbogbo ìdúpẹ́ tí mo ti ń dú látẹ̀yìnwá, orí Wásáàpù ni, mo wá kó wọn jọ kí n fi wọ́n ṣe lẹ́tà náà. Àwọn nìyí:

"Ẹ ṣé gan-an mà, mo ti rí gbogbo ibi tẹ́ ẹ fi bíró pupa fà, màá tún un kọ lálẹ́ yìí 🙏🙏"

"Mà ẹ ṣé fún ìwé òfin yẹn o, ibi tẹ́ ẹ fi pẹ́ńsùlù sàmì sí ni mò ń kà. Olúwa á ràn yín lọ́wọ́ lórúkọ Jésù"

"Ẹ ṣé tẹ́ ẹ bá mi pe ọ̀gá yẹn mà, wọ́n ní kí n wá lọ́la"

"Wọ́n ti rí i mà!!! Wọ́n ti rí i!!! Ẹ ṣé ẹ ṣé ẹ ṣé 😭"

"Orúkọ mi wà níbẹ̀ mà!!! Ẹ̀yin lẹ ṣe é, ẹ̀yin lẹ ṣe é 💃💃"

Mo tò wọ́n bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra, mo yọ àwọn àwòrán kúrò, ṣùgbọ́n tí mo bá kà á, "ẹ ṣé" nìkan ló kún inú ẹ̀. Báwo ni kí n ṣe é kó di lẹ́tà? Yorùbá ni mo fẹ́ fi kọ ọ́ o, Yorùbá la jọ máa ń sọ.

Táíwò_Dùgbẹ̀

Ẹ kú oríire! Lẹ́tà yẹn ò le rárá. Ẹ kọ ọ́ sí Akọ̀wé Àgbà ilé iṣẹ́ yín, kó gba ọwọ́ ọ̀gá ẹ̀ka yín kọjá, ẹ ní ẹ ti gba ìgbéga láti lẹ́fẹ́ẹ̀lì 10 sí 11 tí wọ́n fún yín, ẹ dúpẹ́, ẹ sáìnì, kí ẹ̀dà kan wọ fáìlì yín. Ìlà mẹ́rin, ó ti parí.

Màmá_Fáìlì

Táíwò, lẹ́tà pé mo gba ìgbéga nìyẹn, ìyẹn náà dáa ṣùgbọ́n òun kọ́ ló ń béèrè. Ẹni tó tọ́ ọ sọ́nà ló fẹ́ kọ ọ́ sí, nílé. Àti pé kò sí lẹ́fẹ́ẹ̀lì 11 níṣẹ́ ìjọba, láti 10, 12 ló kàn.

Àdùnní, ẹ kú oríire. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú fáìlì ni mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì, ojú mi sì ti rí lẹ́tà. Ìdí tí àwọn mẹ́sééjì yẹn ò fi di lẹ́tà ni pé nígbà tẹ́ ẹ kọ wọ́n, ẹ̀yin àti Àlàájà jọ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. "Wọ́n ti rí i." Kí ni wọ́n rí? Àlàájà mọ̀ nígbà náà. Tí wọ́n bá ṣí lẹ́tà yẹn lẹ́yìn ọdún márùn-ún, tàbí tí ọmọ wọn bá kà á, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Nítorí náà ẹ má tíì kọ nǹkan kan. Ẹ mú mẹ́sééjì kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ìdáhùn ìbéèrè méjì sí abẹ́ ẹ̀: kí ni wọ́n ṣe gan-an, kí ló sì yí padà lẹ́nu iṣẹ́ mi nítorí ẹ̀? Ẹ má lo "ẹ ṣé" rárá nínú ìdáhùn yẹn. Ìdáhùn yẹn ló máa di lẹ́tà. Mẹ́sééjì kàn ń rán yín létí ni.

Ẹ dáhùn ẹ̀ síbí ká jọ wò ó.

Labísí_Ọmọ_Ìbàdàn

Èmi o, mo gbà pé kẹ́ ẹ fi òwe ṣí i ni, kó lè wúwo. "Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni." Lẹ́yìn ìyẹn ẹ tún fi méjì mìíràn sí àárín. Ẹ fa "ẹ̀yin lẹ ṣe é" yẹn gùn dáadáa, ẹ ní ká ní kì í ṣe tiwọn ẹ ò lè dé ibi tẹ́ ẹ dé. Kó tó ojú ìwé mẹ́ta. Àgbà fẹ́ràn kéèyàn mọ rírì àwọn.

Àdùnní_Mọ́níyà

Màmá ẹ ṣé mà. Ìdáhùn mi rèé.

Bíró pupa: mo kọ mẹ́mò kan lórí ẹ̀rọ omi tó bàjẹ́ ní ọ́fíìsì wa, ojú ìwé mẹ́ta. Mo ròyìn bó ṣe bàjẹ́, ìgbà tó bàjẹ́, àwọn tó ti wá wò ó. Àlàájà dá a padà fún mi, wọ́n kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé pé "Kí lo fẹ́ kí ọ̀gá ṣe?" Ìyẹn nìkan. Mo lọ tún un kọ, mo fi ohun tí a ń béèrè àti iye owó ẹ̀ síwájú, ó di ojú ìwé kan. Láti ìgbà yẹn bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń kọ gbogbo mẹ́mò mi, àwọn ọ̀gá kì í dá tèmi padà.

Ìwé òfin: ìwé Òfin Iṣẹ́ Ìjọba tiwọn ni wọ́n yá mi nígbà tí ìdánwò pròmóṣàn ń bọ̀. Wọ́n ti fi pẹ́ńsùlù sàmì sí orí tó sọ̀rọ̀ nípa ìbáwí àti ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ní kí n má há a sórí, pé kí n máa ro ó pé ẹjọ́ òṣìṣẹ́ kan wà níwájú mi, kí ni màá ṣe.

"Wọ́n ti rí i": fọ́ọ̀mù Épà mi ni, èyí tí ọ̀gá fi ń fún wa ní máàkì lọ́dọọdún. Ti ọdún kan ò sí nínú fáìlì mi, torí wọ́n gbé mi kúrò ní ọ́fíìsì kan sí òmíràn lọ́dún yẹn. Àlàájà ló ní kí n lọ yẹ fáìlì mi wò kí ọ̀rọ̀ pròmóṣàn tó bẹ̀rẹ̀, mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé èèyàn ń yẹ̀ ẹ́ wò. Tí ọdún kan bá sọnù, wọ́n lè yọ orúkọ èèyàn kúrò.

Ìpè: wọ́n pe ọ̀gá kan ní ọ́fíìsì mi àtijọ́.

Màmá_Fáìlì

Ẹ rí i báyìí? Lẹ́tà yín ti wà nílẹ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́fà tí Àlàájà kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé yẹn, "Kí lo fẹ́ kí ọ̀gá ṣe", ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ bó ṣe wà. Inú wọn máa dùn ju ojú ìwé mẹ́ta àdúrà lọ, torí wọ́n á rí i pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n lè ti gbàgbé, ẹ̀yin ò gbàgbé ẹ̀.

Ẹ ò ní í tò ó bí ọjọ́ ṣe tẹ̀ léra. Iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ yín ló yẹ kó ṣíwájú, ìyẹn mẹ́mò, kí ìwé òfin tẹ̀ lé e, kí ọ̀rọ̀ fáìlì wá kẹ́yìn, torí ohun tí wọ́n fi sí yín lọ́wọ́ lẹ ó máa lò lọ, ti fáìlì ti kọjá.

Ó wá ku ibi tó gba ìṣọ́ra, mo sì fẹ́ kí Labísí náà gbọ́ ọ. "Ẹ̀yin lẹ ṣe é" dáa lórí fóònù lọ́jọ́ ayọ̀. Nínú lẹ́tà tẹ́ ẹ fọwọ́ sí, tó ní déètì, ìtumọ̀ mìíràn ló máa ní. Ìdánwò lẹ ṣe, ìgbìmọ̀ ló gbé yín ga. Bí ẹlòmíràn bá rí ìwé tẹ́ ẹ ti kọ pé Àlàájà ló ṣe é, tẹ́ ẹ tún kọ ọ́ pé wọ́n "bá mi pe ọ̀gá yẹn," kí ló máa rò? Ó máa rò pé wọ́n bá yín ra ipò ni. Ẹ máa ba orúkọ wọn jẹ́ níbi tẹ́ ẹ ti ń dúpẹ́. Kí ni wọ́n sọ fún ọ̀gá yẹn gan-an?

Àdùnní_Mọ́níyà

Wọ́n kàn béèrè ẹni tí èèyàn máa rí tó bá ń wá fọ́ọ̀mù ọdún àtijọ́ ni o! Ìyẹn náà ló ní kí n wá lọ́jọ́ kejì, wọ́n tú kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n rí i nínú fáìlì ẹlòmíràn.

Màmá_Fáìlì

Ó tọ́, kò sí àbùkù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n "ẹ bá mi pe ọ̀gá" kò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ ọ́ pé wọ́n ní kẹ́ ẹ lọ yẹ fáìlì wò, wọ́n sì fi ẹni tó ń tọ́jú ìwé hàn yín. Ó ti tán.

Gbénró_Ṣáléńjì

Èmi ò fara mọ́ ọn tán o, Màmá, ẹ forí jì mí. Tí nǹkan tí wọ́n ṣe ò bá burú, kí ló dé tá a fi ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ sọ? Ìpè yẹn lè jẹ́ ohun tó ná wọn jù, ẹni tó ti fẹ̀yìn tì ò fẹ́ máa pe ọ́fíìsì kiri. Tó bá jẹ́ èmi, màá kọ ọ́ gbangba: "Ẹ fóònù láti béèrè ibi tí wọ́n ń kó ìwé náà sí." Ọ̀rọ̀ tó ṣe kedere kì í mú ìfura wá, èyí tá a bò ló ń mú un wá.

Màmá_Fáìlì

Bó o ṣe gbé e kalẹ̀ yẹn náà dáa, Gbénró, torí o sọ ohun tí wọ́n béèrè. Èmi sì máa yọ ìpè kúrò síbẹ̀síbẹ̀, kí Àdùnní fi ẹnu sọ ọ́ fún wọn tó bá débẹ̀. Kó mú èyí tó bá wù ú.

Tíṣà_Mọ́kọ́lá

Ẹ jẹ́ kí n dá sí ti ìlànà ẹ̀. Yorùbá ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì. Lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ̀ ni, àdírẹ́sì méjì ló ní: tiyín lápá ọ̀tún lókè pẹ̀lú déètì lábẹ́ ẹ̀, ti Àlàájà lápá òsì. Lẹ́yìn náà ìkíni, àkọlé tẹ́ ẹ fà nílà, kókó ọ̀rọ̀, "Èmi ni tiyín ní tòótọ́", ìbuwọ́lùwé, orúkọ ní kíkún. Àdírẹ́sì ilé yín ni kẹ́ ẹ lò o, ẹ má tẹ̀ ẹ́ sórí bébà ọ́fíìsì tó ní orúkọ ilé iṣẹ́ lókè, torí ọ̀rọ̀ ti ara yín ni, kì í ṣe ti ìjọba.

Labísí, òwe kan tó. Òwe tó o mú wá yẹn dáa, ṣùgbọ́n àgbà là ń pa á fún. Ọmọdé tó bá pòwe lójú àgbà máa ń fi "tótó ó ṣe bí òwe" kún un, lẹ́tà náà gbọ́dọ̀ ní in.

Ìyá_Ìbejì_Ọjàọba

Tíṣà, ẹ má bínú, àkọlé tí wọ́n fà nílà yẹn máa jẹ́ kó jọ kúẹ́rì. Ìyá tó ti gbà ẹ́ bí ọmọ, o wá ń kọ "Lẹ́tà Ìdúpẹ́" gàdàgbà sókè sí i? Ẹ yọ ọ́. Ẹ fi "Ìyá mi ọ̀wọ́n" bẹ̀rẹ̀.

Èyí tí mo tiẹ̀ fẹ́ sọ ni ti àdúrà. Àlàájà ni wọ́n, ẹ sì ń kọ "lórúkọ Jésù" sí wọn. Kò burú lórí fóònù, wọ́n mọ̀ yín, wọ́n á ti ṣe àmín. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé e sínú lẹ́tà, àdúrà tí gbogbo wa lè ṣe àmín sí ò wọ́n.

Tíṣà_Mọ́kọ́lá

Mo gbà yín gbọ́ lórí àdúrà. Lórí àkọlé mi ò gbà, láìsí àkọlé ó ti di lẹ́tà gbẹ̀fẹ̀ nìyẹn, ọmọ yìí sì sọ pé lẹ́tà gidi lòun fẹ́.

Bàbá_Agbowó

Mo ti tọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ sọ́nà lẹ́nu iṣẹ́ mi, wọ́n sì ti kọ̀wé sí mi. Èyí tí mo tọ́jú ò pọ̀. Mi ò tọ́jú èyí tó ń pè mí ní ọba tí ń gbé ni ga. Ọmọ kan wà tó kọ ọ́ dáadáa, mo ń kà á, inú mi ń dùn, àfi ìgbà tí mo dé ìlà ìparí, ó ní kí n jọ̀ọ́ bá àbúrò òun wá iṣẹ́. Mo ká a, mo gbé e jù sápá kan. Àdùnní, bẹ́ ẹ bá ní ohun kan láti bẹ Àlàájà, ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ mìíràn. Ẹ má sì sọ pé "mo ṣì nílò ìrànlọ́wọ́ yín," ẹ̀bẹ̀ náà nìyẹn.

Ọ̀kan tí mo fẹ́ràn jù lọ, ọmọ náà sọ fún mi pé òun ti ń kọ́ ẹlòmíràn ní ohun tí mo kọ́ òun. Bó bá jẹ́ òótọ́ lọ́dọ̀ yín, ẹ fi sí i. Bí kì í bá ṣe òótọ́, ẹ má fi sí i.

Labísí_Ọmọ_Ìbàdàn

Ó dáa, mo ti gbọ́ ti òwe. Ṣé Àdùnní ò ní í dúró kí lẹ́tà pròmóṣàn tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ ná? Orúkọ ló kàn jáde, lẹ́tà lè pẹ́ kó tó dé, orúkọ tiẹ̀ lè yí.

Màmá_Fáìlì

Àlàájà ti gbọ́, wọ́n ti rí ijó lórí fóònù. Bẹ́ ẹ bá dúró de lẹ́tà ìjọba, ọpẹ́ á ti tutù. Ẹ kọ ọ́ báyìí, ṣùgbọ́n ẹ má kọ ọjọ́ tí ìgbéga bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, torí inú lẹ́tà yẹn nìyẹn máa wà, ó sì lè yàtọ̀ sí ohun tẹ́ ẹ rò.

Àdùnní_Mọ́níyà

Mo ti jókòó tì í láti àná. Mo yọ àdírẹ́sì kúrò níbí nítorí ìta gbangba la wà. Mo fi òwe kan sí i, mi ò sì fi àkọlé sí i, Tíṣà ẹ má bínú sí mi.

*Ìyá mi ọ̀wọ́n,*

*Mo kí yín mà, mo sì kí gbogbo ilé. Orúkọ mi wà lára àwọn tí wọ́n gbé ga sí lẹ́fẹ́ẹ̀lì 12. Ẹ ti gbọ́ lórí fóònù, ṣùgbọ́n ó wù mí kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ lè mọ ipa tí ẹ̀kọ́ yín kó.*

*Nígbà tí mo gbé mẹ́mò ẹ̀rọ omi wá fún yín, ojú ìwé mẹ́ta ni. Ẹ dá a padà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan péré lẹ́gbẹ̀ẹ́: "Kí lo fẹ́ kí ọ̀gá ṣe?" Láti ọjọ́ náà, n kò tíì kọ mẹ́mò kan láìkọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè yẹn. Ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ́fíìsì wa ń gbé tirẹ̀ wá fún mi báyìí, ìbéèrè yín ni èmi náà ń kọ sí i.*

*Nígbà tí ìdánwò ń bọ̀, ẹ yá mi ìwé Òfin Iṣẹ́ Ìjọba tiyín, ẹ sì ní kí n kà á bí ẹni tí ẹjọ́ wà níwájú rẹ̀. Bí mo ṣe dáhùn ìdánwò náà nìyẹn. Ìwé náà wà lọ́wọ́ mi, n ó dá a padà pẹ̀lú lẹ́tà yìí.*

*Ẹ̀yin lẹ ní kí n lọ yẹ fáìlì mi wò kí ó tó pẹ́ jù, ẹ sì fi ẹni tó ń tọ́jú ìwé hàn mí. Bí ẹ kò bá sọ ọ́ ni, n kò ní í mọ̀ pé fọ́ọ̀mù ọdún kan ti sọnù.*

*Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Tótó, ó ṣe bí òwe. Mo dúpẹ́ mà. Ọlọ́run yóò fi ẹ̀mí gígùn àti àlàáfíà jíǹkí yín.*

*Èmi ni tiyín ní tòótọ́,*

Tíṣà_Mọ́kọ́lá

Ó dára. Ẹ rí bẹ́ ẹ ṣe yí "mi ò" sí "n kò," "màá" sí "n ó"? Bó ṣe yẹ nìyẹn. Ṣùgbọ́n "Ìyá mi ọ̀wọ́n" lókè, "Èmi ni tiyín ní tòótọ́" nísàlẹ̀, wọn ò bára wọn mu. Bẹ́ ẹ bá ti mú ìyá, ẹ parí ẹ̀ sí "Èmi ni ọmọ yín."

Ìyá_Ìbejì_Ọjàọba

Ó wọlé o! "Ọmọ yín" yẹn náà ni. Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní Agbowó, ẹ fi bíró sáìnì ẹ̀, kẹ́ ẹ fi ọwọ́ ara yín gbé e lọ. Ẹ má fi ránṣẹ́ o. Kẹ́ ẹ kúnlẹ̀ fún wọn kẹ́ ẹ tó na lẹ́tà sí wọn. Ẹ ra ankárá mẹ́fà yáàdì dání.

Gbénró_Ṣáléńjì

Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú ẹ̀bùn. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999, ní Àfikún Karùn-ún, kò fẹ́ kí òṣìṣẹ́ ìjọba gba nǹkan nítorí iṣẹ́ tó ṣe.

Màmá_Fáìlì

Ibẹ̀ náà ló ti fàyè gba ẹ̀bùn láàárín ìbátan àti ọ̀rẹ́ bí àṣà ṣe gbà á. Àlàájà sì ti fẹ̀yìn tì. Tó bá jẹ́ ọ̀gá tó ṣì wà lórí àga tó ń fún un ní máàkì ni, lẹ́tà nìkan ni mo máa ní kó mú lọ. Síbẹ̀ tèmi ni pé kí ẹ̀bùn àti lẹ́tà má lọ lọ́jọ́ kan náà.

Ìyá_Ìbejì_Ọjàọba

Kéèyàn lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ òfo lásán? Níbàdàn yìí kọ́ o, Màmá.

Àdùnní_Mọ́níyà

Mo ti yí ìparí ẹ̀ sí "Èmi ni ọmọ yín." Mo fi ìwé òfin wọn sínú àpò tuntun, Sátidé ni mò ń lọ. Ti ankárá, màá bi àbúrò wọn obìnrin bóyá wọ́n ń gba nǹkan lọ́wọ́ èèyàn, torí mo ti rí wọn tí wọ́n dá ẹ̀bùn padà rí.